Ímeèlì Tí A Fi Ń Béèrè Àkókò Lórí Ẹ̀rọ Léètì

Ímeèlì tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ń kọ sí ọ̀gá wọ́ọ̀kṣọ́ọ̀pù nítorí ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n irin tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìdábùú ṣáàfù yóò bá parí sí mìlímítà 25, tí gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 180, kó béèrè ọ̀pá irin onídàábùú 30 tó gùn tó 220, torí ẹnu léètì gbọ́dọ̀ ríbi dì mú. Kó so àwòrán mọ́ ọn, kó sì fàlà sí ibi tí béárìn yóò jókòó. Bí wọ́n bá gé ibẹ̀ jù, béárìn á máa yọ̀ lórí ṣáàfù.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo nílò wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.” Kó rántí pé títo irin sórí ẹ̀rọ wà nínú wákàtí náà.