Etí Dúdú Lára Ìwé Tí A Sikáànì

Etí dúdú tó máa ń yí ìwé ká lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sikáànì rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Iná tí kò padà ló fà á. Iná ẹ̀rọ sikánà wà lábẹ́ gíláàsì, òkè ló sì ń tàn sí. Níbi tí ìwé bá wà, ìmọ́lẹ̀ náà á ta padà sínú ẹ̀rọ. Níbi tí ìwé kò sí, tí ìdérí sì ṣí sílẹ̀, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, dúdú ni ẹ̀rọ á sì yà síbẹ̀.

Ká mú rìsíìtì owó ilé kan bí àpẹẹrẹ. Ìwé A5 ni, ìyẹn mìlímítà 148 ní ìbú àti 210 ní gígùn. Gíláàsì ẹ̀rọ sikánà tó wọ́pọ̀ gba A4, tó jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, bẹ́ẹ̀ A5 méjì géérégé ló wà nínú A4 kan. Bí ẹni tó ń bá èèyàn sikáànì kò bá dé ìdérí, ìdajì àwòrán rìsíìtì yẹn á dúdú kirikiri. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nínú ímeèlì ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: íǹkì rẹ̀ á máa ṣòfò sórí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Ká ní wọ́n ti fi bébà funfun kan bo ẹ̀yìn rìsíìtì náà lórí gíláàsì ni, funfun ni gbogbo etí rẹ̀ ì bá jẹ́.

Bó bá ti dúdú tán, gígé ló kù. Lórí fóònù, wọ́n á ṣí àwòrán náà, wọ́n á tẹ Edit, lẹ́yìn náà Crop. Ìkánjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa igun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí wọ́n mú ìwé náà tọ́. Ìlà tí fóònù fi ń gé máa ń dúró ṣánṣán. Bí rìsíìtì bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á fa ìlà títí, dúdú onígun mẹ́ta á ṣì kù sí igun, tàbí kí wọ́n gé orí lẹ́tà dànù. Fóònù sábà máa ń ní ibì kan tí wọ́n ti lè yí àwòrán díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á yí i títí ìlà ọ̀rọ̀ inú rìsíìtì á fi bá ìlà tínínrín ojú fóònù mu. Ìgbà náà ni wọ́n á wá fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, kọjá etí bébà díẹ̀ péré, kí ìlà dúdú má bàa ṣẹ́ kù.

Àmọ́ bí òǹtẹ̀ tàbí ìbuwọ́lù bá kan etí bébà, ó sàn kí dúdú díẹ̀ ṣẹ́ kù. Dúdú kò pa ìwé lára. Òǹtẹ̀ tó já sí méjì ló ń mú kí akọ̀wé fura.

Ọ̀rọ̀ òjìji yàtọ̀. Òjìji tó wà létí nìkan ni gígé lè mú kúrò. Èyí tó bá ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀, gígé kò ràn án. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n fi ya ìwé náà lábẹ́ gílóòbù, ọwọ́ ẹni tó ń yà á àti fóònù fúnra rẹ̀ ló dí iná lójú. Àtúnyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn áàpù kan máa ń sọ òjìji di funfun, ṣùgbọ́n wọ́n lè bá a pa òǹtẹ̀ tó ti ṣá àti ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ rẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa PDF. Bí wọ́n bá fi Crop inú Acrobat gé e, ńṣe ló kàn fi etí náà pamọ́; ó ṣì wà nínú fáìlì, ìwọ̀n fáìlì náà kò sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tí wọ́n gé nínú Word, àfi bí wọ́n bá lọ sí Compress Pictures, kí wọ́n sì yan “Delete cropped areas of pictures”. Bí nọ́ńbà àkáǹtì ẹlòmíràn bá ṣèèṣì wọ etí àwòrán, ẹni tó gba fáìlì náà lè tú u jáde. Nítorí náà, àwòrán ni kí wọ́n gé kí wọ́n tó sọ ọ́ di PDF, kì í ṣe PDF náà.