Ọjọ́ Tí Báǹkì Yúróòpù Kò Gbé Iye Tuntun Jáde

Oníṣòwò tó ń kó táyà wọlé ní Kùtọ̀nú máa ń fi dọ́là san owó ọjà, ó sì máa ń fi owó sẹ́fà tà á. Láti mọ èrè rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ iye sẹ́fà tí dọ́là kan jẹ́ lọ́jọ́ tó rajà. Ìṣirò yìí rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé láti oṣù Kìíní ọdún 1999 ni wọ́n ti so owó sẹ́fà mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í lọ sókè, kì í wálẹ̀. Iye dọ́là tí yúrò kan jẹ́ lọ́jọ́ náà nìkan ló kù láti wá. Bó bá ti rí i, yóò fi pín 655.957, ìdáhùn rẹ̀ sì ti dé.

Báǹkì Àpapọ̀ Yúróòpù, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Fráńkífọ́ọ̀tì ní Jámánì, ló ń gbé iye yìí jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Aago tiwọn àti ti Kùtọ̀nú jọra nígbà òtútù wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́ta ni yóò ṣì jẹ́ ní Kùtọ̀nú. Fáìlì kékeré kan ni wọ́n ń kó o sí, `eurofxref-daily.xml` lorúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè ní kí kọ̀ǹpútà òun máa lọ mú un wá lójoojúmọ́ kó sì kọ ọ́ sínú tábìlì, láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kan án. Mímú tábìlì di tuntun báyìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní rífírẹ́ẹ̀ṣì.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni báǹkì náà ń gbé iye jáde o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, wọn kì í ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà wà lọ́dún tí ètò ìsanwó wọn tó ń jẹ́ Tágẹ́ẹ̀tì máa ń ti ilẹ̀kùn: ọjọ́ kìíní ọdún, Ẹtì Rere, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, Kérésìmesì, àti ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, fáìlì náà kì í pòórá. Ti ọjọ́ iṣẹ́ tó kọjá ló máa wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò dé ibẹ̀, yóò bá fáìlì, yóò bá nọ́ńbà nínú rẹ̀, yóò sì gbé e wálé. Kò sí àṣìṣe kankan tó máa yọjú lójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu náà wà.

Ẹ jẹ́ ká wo Àjíǹde ọdún 2025. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, ni ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ Ajé, kò sí iye tuntun. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22, ni ilẹ̀kùn tún ṣí. Ká wá ní oníṣòwò kan ní Kùtọ̀nú ti sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé lójoojúmọ́, kó mú iye wá, kó sì kọ déètì òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìlà márùn-ún ló máa wà nínú tábìlì rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn á sì gbé nọ́ńbà kan náà. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ọjà owó kò mì rárá fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, nígbà tó jẹ́ pé báǹkì kò kàn ṣíṣẹ́ ni.

Bóyá èyí dà bí ohun kékeré, àfi ìgbà tí a bá fi ìlà wọ̀nyẹn ṣe ìṣirò. Ká mú nọ́ńbà tó rọrùn láti fojú rí, kì í ṣe iye tó wáyé lọ́jọ́ náà gan-an: ká ní Ọjọ́bọ̀ jẹ́ dọ́là 1.10 fún yúrò kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì jẹ́ 1.12. Ààrin méjèèjì ni 1.11, èyí tó túmọ̀ sí pé dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí sẹ́fà 590.95. Ṣùgbọ́n tábìlì tó ní ìlà mẹ́rin àdàkọ láàrin yóò ka 1.10 lẹ́ẹ̀márùn-ún àti 1.12 lẹ́ẹ̀kan. Ààrin tiẹ̀ yóò jẹ́ 1.1033, dọ́là kan yóò sì di sẹ́fà 594.52. Lórí ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là, ìyàtọ̀ náà lé ní sẹ́fà ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Ẹni tó fi irú ààrin bẹ́ẹ̀ dá iye lé táyà yóò bu iye tí kò sí níbì kankan lé oníbàárà lórí, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni kí kọ̀ǹpútà má ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ní orí ẹ̀rọ tó ń lo kúrọ́ọ̀nù, ìlà kan ṣoṣo ló gbà:

```
0 18 * * 1-5
```

Èyí ń sọ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ó yanjú Àbámẹ́ta àti Àìkú, ṣùgbọ́n kúrọ́ọ̀nù kò mọ ohun tó ń jẹ́ Àjíǹde. Ó ṣe é fi ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìsinmi kún un. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ bá dé ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣi ẹsẹ̀ gbé: kàlẹ́ńdà ìlú tiwọn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni àyájọ́ òmìnira Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba sì máa ń wà ní títì. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, Fráńkífọ́ọ̀tì ń ṣiṣẹ́ ní tiwọn, iye tuntun sì ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Kódà ní Yúróòpù pàápàá, ọjọ́ Ìgòkè-Re-Ọ̀run jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Jámánì àti Faransé, síbẹ̀ kò sí lára ọjọ́ mẹ́fà tí Tágẹ́ẹ̀tì ń tì. Kàlẹ́ńdà ẹni tó ń gbé iye jáde la gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbà á, kì í sì í ṣe ti orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ náà wà.

Ọ̀nà tó dára jù wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí ìlà kan tó rí báyìí:

```
<Cube time='2025-04-17'>
```

Déètì yẹn ni ọjọ́ tí iye náà jẹ́ tirẹ̀. Kò bá ọjọ́ tí a lọ mú un wá dọ́gba nígbà gbogbo, àìya méjèèjì sọ́tọ̀ ló sì bí gbogbo ìdàrúdàpọ̀ Àjíǹde tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tábìlì tó bá péye máa ń ní àyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí iye jẹ́, àti ọjọ́ tí ó wọlé. Kí kọ̀ǹpútà tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá déètì inú fáìlì ti kọjá èyí tó kẹ́yìn nínú tábìlì:

```
if ojo_inu_faili > ojo_to_gbeyin:
    ko_ila(ojo_inu_faili, iye)
```

Bí kò bá tíì kọjá rẹ̀, kò sí ìlà tuntun. Ẹ kíyè sí i pé déètì ni wọ́n ń fi wéra, kì í ṣe iye. Àwọn kan máa ń sọ pé bí iye òní bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti àná, kí ẹ̀rọ fò ó. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjà lè ṣí lóòótọ́ kí iye sì padà síbi tó wà lánàá, ọjọ́ òwò gidi yóò sì ṣègbé.

Bí a bá ti ń ṣe báyìí, ìbéèrè kan tún wà nílẹ̀: ṣé kí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi? Ibi tó bá ń gba owó lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó dára kó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀fẹ́ bíi ti Fráńkífọ́ọ̀tì, ó sàn kó máa lọ. Ẹ wò ó: ká ní iná lọ ní Kùtọ̀nú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́. Bó bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì Rere, fáìlì Ọjọ́bọ̀ ṣì wà níbẹ̀, yóò mú un, yóò sì kọ ọ́ sí abẹ́ déètì ọjọ́ 17 bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ní kó má lọ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fáìlì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa bá, ti Ọjọ́bọ̀ á sì ti lọ. Ìdí nìyẹn tí báǹkì náà fi ń ṣoore mìíràn: fáìlì kan wà, `eurofxref-hist-90d.xml`, tó kó iye àádọ́rùn-ún ọjọ́ sẹ́yìn jọ, èyí tí a lè fi dí àlàfo. Ẹ̀rọ tó ń bèèrè ti “àná” nìkan lẹ́yìn ìsinmi kò lè rí àlàfo náà; èyí tó ń bèèrè láti déètì tó kẹ́yìn nínú tábìlì títí dòní ló máa rí i.

Kí wá ni kàlẹ́ńdà ìsinmi wúlò fún? Agogo ìdágìrì ni. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù tí kò sí iye tuntun, ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́. Àmọ́ bí ìdágìrì bá ń dún ní gbogbo Àbámẹ́ta àti Àìkú, láìpẹ́ ẹni tó ń gbà á kò ní ṣí i mọ́, títí tí ẹ̀rọ yóò fi bàjẹ́ lóòótọ́ ní ọjọ́rú kan. Déètì inú fáìlì ló ń pinnu bóyá ìlà tuntun yóò wọlé. Kàlẹ́ńdà ló ń pinnu bóyá àìwọlé rẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kó kọ ènìyàn lóminú.

Ìyàtọ̀ iṣẹ́ méjèèjì hàn gbangba ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, àti Ọjọ́rú, ọjọ́ 10, gẹ́gẹ́ bí ìsinmi ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Wọn kò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ Ajé, Súlútáànì Ṣókótó sì sọ pé Ọjọ́rú ni ọdún. Ìjọba wá fi Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11, kún ìsinmi náà. Kò sí ẹni tó lè ti kọ ọjọ́ yẹn sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ̀rọ tó gbára lé kàlẹ́ńdà nìkan láti kọ iye ọjà ìpín ìdókòwò Èkó sílẹ̀ yóò rò pé ọjọ́ 11 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, yóò sì da iye ọjọ́ Ajé kọ sábẹ́ déètì Ọjọ́bọ̀. Èyí tó ń wo déètì inú fáìlì kò ní kọ nǹkan kan. Ìdágìrì nìkan ni yóò dún, nítorí kàlẹ́ńdà tirẹ̀ náà kò mọ̀. Bí wọ́n bá kọ ìdágìrì náà dáadáa, ohun tí yóò sọ ni pé iye tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin. Ẹni tó kà á, tó sì gbọ́ ìròyìn, yóò fi `2024-04-11` kún àkọsílẹ̀, tábìlì kò sì ní nílò àtúnṣe kankan.