Ọrùn Áńdù Tó Há Sínú Fọ́ọ̀kì: Òótọ́ àti Irọ́

Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí áńdù rẹ̀ kò gòkè tí kò sọ̀, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Ó ti dógùn-ún, òòlù ló máa gbà.” Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì òótọ́ ni, ìdajì kejì yẹn ló sì ń ba fọ́ọ̀kì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀ ná. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ọrùn áńdù jẹ́ ọ̀pá kan tó wọ inú ọ̀pá fọ́ọ̀kì lọ. Ti kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 22.2, inú ọ̀pá fọ́ọ̀kì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, débi pé ìwé ni ẹ fi lè díwọ̀n àlàfo tó wà láàárín wọn. Bóòtù gígùn kan gba àárín ọrùn náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì di kókó irin kan mú nísàlẹ̀, tí wọ́n gé orí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń fún bóòtù ni kókó yẹn á máa gòkè, tí á sì máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí yóò fi fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀pá fọ́ọ̀kì. Nítorí náà, ohun méjì ló lè di ọrùn mú: kókó yìí, àti ohun tí omi òun iyọ̀ ti hù sáàárín irin méjèèjì. Àwọn tí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ irọ́ tí à ń gbọ́.

Irọ́: bí bóòtù bá ti jáde, ọrùn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé jẹ́ tòkunbọ̀ kan ní Àgbádárìgì, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í ti í fi irin lọ́rùn sílẹ̀. Lásìkò kòrónà ní 2020 ni wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ilé, wọn kò sì kàn án mọ́ títí ọmọ ilé fi ga tó ẹni tó lè gùn ún. Ọmọ náà pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ bóòtù rẹ̀ pátápátá, mo sì ti fi gbogbo agbára lọ́ ọ. Kò tiẹ̀ mira.”

Mo ní kó dá bóòtù náà padà. Kókó ìsàlẹ̀ kì í jábọ́ nítorí pé wọ́n yọ bóòtù. Ó ti há, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹnì kan yóò fi gbá a sísàlẹ̀. Bóòtù yẹn gan-an ni òòlù fi lè débẹ̀. Ẹ yí i wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi ku nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún kó jókòó. Ẹ gbé pákó líle lé e lórí, kí ẹ wá gbá pákó náà lẹ́ẹ̀kan, gbáà, láìbẹ̀rù. Bí orí bóòtù bá rì sínú ihò, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tó ṣe é tú bọ ibẹ̀, kí ẹ sì gbá ìdí kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ má ṣe tú bóòtù jù kí ẹ tó gbá a o. Bí ó bá ku ìlà kan tàbí méjì péré tó ṣì di kókó mú, òòlù yóò já àwọn ìlà náà, kókó yóò sì kù sínú.

Ẹ ó mọ̀ nígbà tó bá tú. Òòlù tó ń dún gan-an-gan-an tẹ́lẹ̀ á dún bọ̀ọ́ lójijì, orí bóòtù á sì wọlẹ̀ dé ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ bá ti yọ ẹsẹ̀ iwájú àti mọ́gáàdì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀pá fọ́ọ̀kì láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí kókó náà tó ń mì lórí bóòtù bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ọ̀pọ̀ ọrùn tí wọ́n ń pè ní “há” ló ń jáde níbí yìí, láìsí epo, láìsí iná. Ti Àgbádárìgì kò jáde.

Irọ́: ìdógùn-ún ni ìdógùn-ún, epo kan náà ló ń tú gbogbo rẹ̀.

Máńgẹ́ẹ̀tì ara sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó láti yanjú èyí. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọrùn áńdù, irin ló wà nínú irin, bí ó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ pupa ni yóò máa jáde níbẹ̀, epo tó ń wọ inú àlàfo sì ń ràn án lọ́wọ́ dáadáa. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ló wà nínú irin. Ẹ fi ìṣó fá etí ibi tí ọrùn ti wọlé. Ẹ ó rí ẹ̀tù funfun. Nígbà tí omi iyọ̀ tàbí òógùn bá wọ àárín alumíníọ̀mù àti irin, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ tán, ẹ̀tù funfun tó sì ń di kò wọ àyè tí alumíníọ̀mù náà gbà tẹ́lẹ̀. Ó ń wú. Àlàfo yẹn á kún, á sì le. Epo kì í yọ́ ẹ̀tù yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rí ibi wọ̀, kó sì mú kí nǹkan yọ̀ nígbà tí ẹ bá ti fọ́ ọ. Nítorí náà ni ọrùn alumíníọ̀mù ṣe ń gba sùúrù ju ti irin lọ.

Ibi tí ẹ ti da epo náà tún ṣe pàtàkì ju irú epo lọ. Àwọn kan á da á sínú ihò bóòtù lókè, wọn á sì rí i tó ń kán sílẹ̀ nísàlẹ̀, inú wọn á dùn. Inú ọrùn ni epo yẹn gbà kọjá. Kò kan ibi tó há rárá. Ẹ yọ bóòtù àti kókó tó ti tú, ẹ fi àkísà tàbí ìda àbẹ́là dí ihò òkè, kí ẹ wá dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ẹ da epo sínú ọ̀pá fọ́ọ̀kì láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti di òkè báyìí. Yóò dúró bí odò kékeré yí ìdí ọrùn ká, ibẹ̀ ni yóò ti máa wá àlàfo wọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró, kí ẹ máa kán díẹ̀ sí etí òkè pẹ̀lú.

Epo agolo tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dọ́bú-dì-fọ́tì lè ṣe é, àmọ́ lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ po ó níbẹ̀rẹ̀; epo tí wọ́n ṣe fún títú bóòtù tó há dára jù ú lọ. Omi bíréèkì ọkọ̀ tí àwọn kan ń lò máa ń bó ọ̀dà. Ní ti kóòkì, ẹ mu ún.

Irọ́: iná ló máa tú u.

Irọ́ tó ní òótọ́ nínú ni èyí. Bí ooru bá mú alumíníọ̀mù, ó ń wú tó ìlọ́po méjì irin. Ẹ gbé ọrùn oní-mìlímítà 22.2 kan. Bí òun àti ọ̀pá fọ́ọ̀kì bá jọ gbóná sí i ní ìwọ̀n sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 100, ọrùn á fi nǹkan bíi mìlímítà 0.05 fẹ̀ sí i, ihò irin tó wà nínú rẹ̀ á sì fi nǹkan bíi 0.027 fẹ̀. Ó túbọ̀ há nìyẹn. Ẹ kò sì lè sọ pé ọ̀pá fọ́ọ̀kì nìkan lẹ fẹ́ sun, nítorí inú ọ̀pá férémù ló wà. Kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀dà ti jóná, gíríìsì tó wà lára béárínì sì ti yọ́ dànù.

Òtútù ló yẹ alumíníọ̀mù. Ẹ ki yìnyín wẹ́wẹ́ sínú ihò ọrùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì lọ́ ọ kí irin ìta tó tutù bákan náà. Àǹfààní rẹ̀ kéré púpọ̀, àmọ́ ó wà ní apá ọ̀dọ̀ yín. Ìdí tí iná fi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan ni pé wíwú àti sísúnkì ń sán ẹ̀tù funfun náà, epo á sì rí ojú sísán wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ irú èyí, omi gbígbóná tí ẹ dà sórí ọrùn, tí yìnyín sì tẹ̀ lé, tó.

Lẹ́yìn náà ni agbára kàn. Ọ̀pọ̀ máa ń fi orúnkún há ẹsẹ̀ iwájú, wọn á sì lọ́ áńdù. Ìyẹn dára fún ọrùn tó há díẹ̀. Fún èyí tó há gan-an, rìímù ló máa kọ́kọ́ wọ́, tàbí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ẹ yọ ẹsẹ̀ iwájú àti bíréèkì, kí ẹ fi fáìsì di orí fọ́ọ̀kì mú, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, pẹ̀lú pákó lọ́tùn-ún lósì. Nígbà náà, áńdù fúnra rẹ̀ ló ti di ọ̀pá gígùn tí ẹ ó fi lọ́ ọ. Ẹ máa lọ́ ọ lọ bọ̀; ẹ má gbìyànjú láti fà á jáde. Ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn epo ọjọ́ díẹ̀ àti yìnyín, a gbọ́ “kẹ̀ẹ́”, áńdù sì yí nǹkan bí ìbú ìka. Ẹ̀tù funfun tú jáde létí òkè. Ìgbà tó bá ti yí ni kí ẹ tún kán epo sí i, kí ẹ dá a padà síbi tó wà, kí ẹ tún yí i. Ó yí gbirigbiri kó tó gòkè.

Ẹ má sì gbá ọrùn wọlẹ̀ jù nítorí àtitú u. Ògiri àwọn ọ̀pá fọ́ọ̀kì kan nípọn sí i nísàlẹ̀, ọrùn tí ẹ gbá débẹ̀ á há lẹ́ẹ̀kejì, èyí á sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí gbogbo èyí kò bá gbà, ẹ gbà pé ọrùn ti lọ, kí ẹ dáàbò bo fọ́ọ̀kì. Ẹ gé e sókè béárínì, kí ẹ fi abẹ ayùn irin lásán rẹ́ ara ọrùn láti inú wá síta, ní ojú méjì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró kí ẹ tó kan irin ìta. Yóò lè wó sínú. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò máa ń jẹ alumíníọ̀mù tán, kì í sì jẹ irin, òótọ́ ni. Àmọ́ ó ń gbóná, ó ń tú gáàsì háídírójìn tó ń gbiná jáde, ó sì ń fọ́ ojú. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi sí sódà. Bí ọrùn bá jẹ́ irin, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí ọ̀pá fọ́ọ̀kì bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ó máa jẹ òun náà. Èmi máa ń gba ayùn.

Nígbà tí ọrùn bá jáde, ẹ nu inú ọ̀pá fọ́ọ̀kì, kí ẹ sì fi ìka wá ibi tó wú síta níbi tí kókó ti fún un, tàbí ibi tó sán, pàápàá lápá òkè tó ní ìlà nọ́ọ̀tì. Bí ó bá sán, fọ́ọ̀kì tuntun ló kàn. Bí ó bá mọ́, ẹ fi gíríìsì kun ara ọrùn, kókó àti ìlà bóòtù, kí ẹ ki ọrùn wọlé títí àmì tó wà lára rẹ̀, tó ń sọ ibi tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ wọ̀ dé, kò fi ní hàn síta mọ́. Ẹ fún bóòtù títí áńdù kò fi ní yí bí ẹ bá fi orúnkún di táyà mú tí ẹ sì lọ́ ọ níwọ̀nba, kí ẹ sì máa tú u kun gíríìsì lọ́dọọdún bí ẹ bá ń gbé nítòsí òkun.