Ínfátà Wo Ló Tó Ilé Yín?

Kí ẹ tó lọ sọ́jà lọ ra ínfátà, ẹ kọ́kọ́ ro wáàtì gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ máa lò pa pọ̀. Ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà tí W tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníyàrá méjì kan n'Ibadan. Gílóòbù 6, wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 60. Fáànù 2 jẹ́ 120. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà jẹ́ 100, fíríìjì kékeré jẹ́ 150. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 430.

Àmọ́ ìṣirò ò tíì parí. Nígbà tí mọ́tò fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po 5 iná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn 750. Bí a bá fi 280 ti àwọn yòókù kún un, ó di 1,030.

Ínfátà 1KVA sábà máa ń gbé nǹkan bíi wáàtì 800. Bí fíríìjì bá ti gbéra báyìí, ó lè ké, kó sì kú. 1.5KVA, tó ń gbé nǹkan bíi 1,200, ló bá ilé yìí mu, bí wọn ò bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́.