Lẹ́tà ìfisùn sí olùpèsè nípa ọjà tó bàjẹ́

Lẹ́tà ìfisùn nípa ọjà tó bàjẹ́ ni ìwé tí olùrà máa ń kọ sí olùpèsè láti fi tó o létí pé ọjà tí ó rà kò dé ọwọ́ rẹ̀ ní pípé. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, àtúnṣe tí olùrà ń fẹ́, àti gbèdéke ọjọ́ tí àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wáyé. Èyí tó tẹ̀ lé òmíràn dúró lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Iye ọjà tí a kà ló ń pinnu ohun tí a lè béèrè, ohun tí a béèrè ló sì ń pinnu iye ọjọ́ tó yẹ kí a fún olùpèsè.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò nínú àyọkà yìí ni ti obìnrin kan tó ń ta táìlì ní Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ra 100 páálí táìlì ilẹ̀ ní ₦7,000 fún páálí kan, ó sì san ₦700,000 pé. Ọkọ̀ akẹ́rù olùpèsè ló gbé ọjà náà wá ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2025. Nígbà tí wọ́n já ẹrù náà, wọ́n rí i pé páálí 18 ní táìlì tó fọ́ nínú.

== Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ ==

Bí olùrà bá kọ̀wé pé “ọ̀pọ̀ nínú táìlì yín ló fọ́”, olùpèsè kò ní ohun tí yóò yẹ̀ wò. Bí ó bá kọ “páálí 18 nínú 100”, olùpèsè lè rán ènìyàn wá kà á. Páálí ni a kà níhìn-ín, kì í ṣe ẹyọ táìlì, nítorí pé páálí ni wọ́n fi díye lé ọjà náà. Páálí tí ẹyọ kan ṣoṣo bá fọ́ nínú rẹ̀ kò ṣeé tà ní odindi mọ́.

Lẹ́tà náà tún gbọ́dọ̀ sọ ọkọ̀ ẹni tó gbé ọjà. Bí olùpèsè bá ṣe ìlérí láti gbé ọjà dé ṣọ́ọ̀bù, àdánù ojú ọ̀nà sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùrà bá rán awakọ̀ tirẹ̀ lọ gbé e, òfin sábà máa ń ka ọjà náà sí èyí tó ti dé ọwọ́ olùrà láti ìgbà tí wọ́n ti kó o lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni èyí tí a ṣe kí ọkọ̀ tó lọ. Kí olùrà tó fọwọ́ sí ìwé ìfijíṣẹ́ ọjà, kí ó kọ “páálí 18 fọ́” sórí rẹ̀, kí awakọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Bí awakọ̀ kò bá lè dúró, kí olùrà kọ “a kò tíì yẹ ọjà wò” sí i. Fọ́tò yẹ kí ó fi páálí hàn pẹ̀lú àmì tó wà lára rẹ̀, nítorí fọ́tò àfọ́kù táìlì nìkan kò fi hàn pé ọjà olùpèsè yìí ni.

Ohun tí a kò fi ojú rí kò sí lára bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. “Awakọ̀ yín ló sáré jù” jẹ́ àròsọ tí olùpèsè lè fi ìrọ̀rùn jiyàn sí. “Páálí ìsàlẹ̀ ló fọ́” jẹ́ ohun tí a rí.

== Àtúnṣe tí olùrà ń fẹ́ ==

Olùrà lè béèrè fún pípààrọ̀ ọjà, dídá owó padà, tàbí ẹ̀dínwó. Ó dára kí ó yan ọ̀kan ní pàtó, kí ó sì sọ èkejì tí yóò gbà bí àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe. Ní ti táìlì, pípààrọ̀ ní ewu kan: àwọ̀ táìlì kan náà máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣe é sí ìgbà mìíràn. Nítorí náà, nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.

Òfin Títa Ọjà ti ọdún 1893, tí Nàìjíríà jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé olùrà ti gba ọjà bí ó bá lò ó bí ẹni tó ti di tirẹ̀, tàbí bí ó bá fi í sílẹ̀ títí tí àkókò tó bójú mu fi kọjá láìsọ pé òun kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gba ọjà kò sábà lè dá a padà mọ́. Owó àdánù ló kù tí ó lè béèrè. Nítorí èyí ni oníṣọ́ọ̀bù náà fi sọ gbangba pé òun gba páálí 82, tí kò sì ta èyíkéyìí nínú 18 tó kù.

== Gbèdéke ọjọ́ ==

“Kíákíá” kì í ṣe gbèdéke, nítorí kò sí ọjọ́ tí a lè tọ́ka sí pé ó ti kọjá. “Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì” pàápàá lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípa ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà ló dára jù. Ó wúlò láti fún olùpèsè ní ọjọ́ méjì: ọ̀kan fún èsì, ọ̀kan fún ìparí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 14 tó fún olùpèsè láti wá wo ọjà, wá irú àwọ̀ kan náà, kí ó sì di ẹrù. Kí olùrà tọ́jú ẹ̀rí pé lẹ́tà dé, bí ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

== Àpẹẹrẹ lẹ́tà ==

> Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2025
>
> Ẹ̀yin ọ̀gá wa,
>
> Páálí táìlì 18 tó fọ́
>
> Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọkọ̀ yín já 100 páálí táìlì ilẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòròdú. A yẹ gbogbo rẹ̀ wò lójú awakọ̀ yín, páálí 18 sì ní táìlì tó fọ́ nínú. Awakọ̀ yín fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà ìwé ìfijíṣẹ́ àti fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A gba páálí 82 yòókù.
>
> A fẹ́ kí ẹ fi páálí 18 tí nọ́ńbà àwọ̀ wọn bá ti àkọ́kọ́ mu rọ́pò wọn, kí ẹ sì gbé wọn wá láìgba owó ọkọ̀. Bí irú rẹ̀ kò bá sí mọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá ₦126,000 padà fún wa.
>
> Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wa lésì, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, kí ẹ sì parí rẹ̀, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta. A ti kó àwọn tó fọ́ pamọ́ kí ẹ lè wá wò wọ́n.

== Bí gbèdéke bá kọjá ==

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà kò ka ẹni tó ra ọjà láti tún un tà sí oníbàárà. Ẹni tó ra táìlì yìí láti tẹ́ ilé rẹ̀ lè gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti oníṣọ́ọ̀bù yàtọ̀.

Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kékeré wà láti ọdún 2018. Iye owó pàtó tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti gbọ́, wọ́n sì ń béèrè pé kí olùpẹjọ́ ti kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó sí ẹni tí ó ń pè lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ náà kò wà fún bíbéèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ táìlì. Nítorí náà, bí ọjọ́ 19 bá kọjá láìsí àtúnṣe, lẹ́tà kejì yóò fi ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ sílẹ̀, yóò sì béèrè ₦126,000 nìkan.