Ègé Mẹ́jọ fún Àdìrẹ Kan: Ètò Fídíò Ọjà Tí A Fi Fóònù Yà

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ti mọ ìbéèrè àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí. Yáàdì mélòó ni? Ṣé kì í ṣí? Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́? Báwo ló ṣe máa rí lọ́rùn bí télọ̀ bá rán an? Èló ni? Síbẹ̀, bó bá gbé fóònù láti ya fídíò ọjà rẹ̀, aṣọ tó tò sórí tábìlì ló sábà máa ń yà, kámẹ́rà á máa rìn gbéregbère lórí rẹ̀, orin á máa lọ lábẹ́. Fídíò náà á parí láì dáhùn ìbéèrè kankan.

Ibi tí ètò ègé ti wúlò nìyí. Ojú ìwé kan péré ni, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tán kí a tó fọwọ́ kan fóònù. Lórí rẹ̀ ni a ó kọ gbogbo ègé fídíò tí a fẹ́ yà sí: ohun tí yóò hàn, ibi tí a ó ti yà á, bí kámẹ́rà yóò ṣe sún mọ́ ọn tó, àti ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà. Àwọn tó ń ya sinimá ńláńlá ń lò ó, àmọ́ ẹni tí kò ní gbọ̀ngàn ìyàwòrán ló nílò rẹ̀ jù wọ́n lọ. Oòrùn ni iná tirẹ̀, wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ àti díẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìkan ló sì ń rí èyí tó dáa lò.

Ká mú fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 fún aṣọ yáàdì 5 kan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan á di ègé kan, ó kéré tán. Àkọ́kọ́ á gba 3: ọwọ́ tó na aṣọ ká lójijì, tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì kún ojú fóònù, torí ẹni tí kò bá rí nǹkan níbẹ̀rẹ̀ á ti fọwọ́ gbá a kọjá. Èkejì, 4: gbogbo aṣọ lórí okùn, kí ènìyàn kan dúró tì í kí a lè mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ̀kẹta, 4: ìyẹ́ adìẹ tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sórí aṣọ funfun. Ẹ̀kẹrin, 4: aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò aró. Ẹ̀karùn-ún, 3: ojú àti ẹ̀yìn aṣọ, ní tòsí gan-an. Ẹ̀kẹfà, 5: fífọ̀. Èkeje, 4: ẹni tó wọ bùbá rẹ̀, tó rìn, tó yí padà. Ẹ̀kẹjọ, 3: iye owó, yáàdì, àti nọ́ńbà tí a ó pè. Ó pé 30 géńdé.

Ẹ̀kẹrin ló yẹ kí a bójú tó jù lọ. Aró èlú kì í jáde ní búlúù. Bí aṣọ bá ti ń kúrò nínú ìkòkò, ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di búlúù, lójú ẹni, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ègé yìí nìkan ti tó láti dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a kò lè sọ fún aṣọ pé kó padà di ewé ká lè tún un yà. Kí fóònù ti wà lórí àpótí tàbí òkìtì ìwé, kó má mì, kó sì ti máa yà á kí aláró tó fa aṣọ sókè. A ó jẹ́ kó yà títí àwọ̀ á fi yí tán. Bí a bá ń tò ó pọ̀, a ó mú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tàbí kí a mú un sáré.

Àwọn ègé yòókù rọrùn ju ìyẹn lọ, àmọ́ kí ẹni tó ń yà jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú àáyá 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 ni yóò lò. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni ọwọ́ ti máa ń gbọ̀n.

Àdìrẹ tún ní ọ̀fìn tirẹ̀ fún kámẹ́rà. Bí aṣọ dúdú bá kún ojú fóònù, fóònù á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Búlúù tó jinlẹ̀ á wá dà bí aṣọ tó ti ṣí, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ́ adìẹ fà á sì pòórá. Oníbàárà á ní aṣọ àlòkù ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó: tẹ ojú aṣọ lórí fóònù, kí o di ọwọ́ mú un títí yóò fi dúró sójú kan (lórí iPhone, `AE/AF LOCK` ni yóò jáde), kí o wá fa àmì oòrùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ láti fi dán an wò. Bí bébà náà bá ń tàn débi pé etí rẹ̀ kò hàn mọ́, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gílóòbù kan ló wà nítòsí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti oòrùn, pa á. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ibòji ilé ló dáa jù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, páálí funfun tí a gbé dúró ní òdìkejì fèrèsé á dá ìmọ́lẹ̀ padà síbẹ̀.

Fún ègé fífọ̀, abọ́ funfun ni kí a lò, kí omi lè hàn kedere. Aró èlú tó lé lórí òwú máa ń jáde díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ya fífọ̀ kẹta kí ó kọ ọ́ sórí fídíò pé ìkẹta ni, kí ó sì sọ pé kí wọ́n fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó ra aṣọ tí omi rẹ̀ di búlúù láì jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un kò ní padà wá.

Bí a ṣe kọ ègé kọ́ ni a ó ṣe yà wọ́n. Ibi tí a wà la ó tẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin lọ́dọ̀ aláró láàárọ̀. Ẹ̀kẹfà nínú àgbàlá. Èkejì àti èkeje lábẹ́ ibòji kan náà. Àkọ́kọ́, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹjọ lẹ́bàá fèrèsé. Fóònù á dúró lóòró ní gbogbo wọn, a ó sì fi aṣọ mímọ́ nu dígí kámẹ́rà nígbà gbogbo, pàápàá lọ́dọ̀ aláró. Ká má fa àwòrán súnmọ́ lójú fóònù, ẹsẹ̀ ni ká fi súnmọ́ ọn. Iye owó kò gbọ̀dọ̀ sí nísàlẹ̀ pátápátá, torí orúkọ àti bọ́tìnnì á bò ó nígbà tí a bá gbé e jáde.

Ohùn ńkọ́? Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń ba ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi iṣẹ́ jẹ́. Ó sàn ká gba ohùn lọ́tọ̀, nínú yàrá tí a fi aṣọ kọ́ yí ká, kí fóònù wà nítòsí ẹnu, ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò nínú CapCut.

Bí òjò bá dé tí ọjọ́ sì ṣú kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ègé ẹni tó wọ bùbá la lè sún síwájú. Ẹ má fi ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà àti ẹ̀kẹjọ sílẹ̀, nítorí àwọn mẹ́ta yìí lásán ti lè ta aṣọ.