Owó Tí Yóò Ra Sumó Mìíràn: Ìṣirò Bóòhóòlù Àdúgbò

Bóòhóòlù àdúgbò kì í sábà kú nítorí pé omi tán nínú ilẹ̀. Ọjọ́ tí sumó bá jó, tí kò sì sí owó nílẹ̀ láti fi ra òmíràn, ọjọ́ náà ló kú. Aṣòfin tó gbẹ́ ẹ ti parí sáà tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà wá, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì wọn padà sí odò. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí òkúta líle wà lábẹ́ ilẹ̀, tí kànga lásán sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyà kékeré kọ́ ni èyí.

Bí ó bá jẹ́ sólà ló ń fa omi náà, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i, nítorí àwọn èèyàn á ní ṣebí oòrùn kì í gba owó. Òótọ́ ni, oòrùn kì í gba owó. Ṣùgbọ́n sumó ń gbó, orí ẹ̀rọ ń bàjẹ́, ẹni tó ń jí láàárọ̀ kùtù wá ṣí omi fún gbogbo ìlú náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jókòó ti ìṣirò náà, ká mọ èló gan-an ni kẹ́ẹ̀gì omi kan yẹ kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àdúgbò kan ní Òkè-Ògùn tó ní ìdílé 80. Wọ́n ní bóòhóòlù sólà kan, tánkì 5,000 lítà méjì tó wà lórí irin gíga, àti orí ẹ̀rọ mẹ́rin tí àwọn èèyàn ti ń pọn omi. Ẹlòmíràn ló sanwó gbígbẹ́ rẹ̀, nítorí náà a kò ní ka ìyẹn. Iye owó tí mo máa dá jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Kí kálukú fi iye tí wọ́n ń tà á nílùú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Owó àtúnṣe ni ká kọ́kọ́ ṣírò, nítorí òun ni àwọn ìgbìmọ̀ sábà máa ń fi ṣe èyí-tó-bá-kù. Ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lára bóòhóòlù ní iye ọdún tó máa ń lò. Ẹ wo iye tí yóò náni láti ra òmíràn, kí ẹ pín in sí iye oṣù tí èyí tó wà nílẹ̀ yóò lò kó tó gbó. Ká ní sumó sólà pẹ̀lú àpótí tó ń darí iná rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà, tí a sì rò pé yóò lo ọdún 5, ìyẹn oṣù 60: oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi 10,000 náírà sílẹ̀ dè é. Pánẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ lè lo 20 ọdún, nítorí náà bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà, 2,500 péré ló kàn án lóṣù. Tánkì méjèèjì, 600,000 fún ọdún 10, á gba 5,000. Orí ẹ̀rọ ni ohun tó máa ń bàjẹ́ jù, nítorí gbogbo ọwọ́ ló ń yí i. Ká fún òun àti páìpù wẹ́wẹ́ ní 2,000. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí púlọ́mbà fa sumó jáde ní ọdún méjì-méjì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fọ ihò náà. Bí iṣẹ́ yẹn bá jẹ́ 120,000, 5,000 ló kan oṣù kan.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24,500 náírà. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà níléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun ni sumó ti ń wá. Àdúgbò tó ti kó owó sumó kan jọ ṣáájú ìgbà náà rí i pé owó yẹn kò ra sumó mọ́. Nítorí náà, ẹ fi ìdámẹ́rin lé e, kó di nǹkan bíi 31,000 náírà lóṣù. Ohun tó tún dára ju kí owó máa jókòó sí báǹkì ni pé, bí ó bá ti tó iye sumó kan, kí wọ́n ra sumó náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e síbi gbígbẹ tí wọ́n lè tì. Náírà lè fúyẹ́ lóru, ṣùgbọ́n sumó inú páálí kò ní kéré sí i. Ìgbà tí ti inú ilẹ̀ bá jó, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni pípààrọ̀ rẹ̀.

Ó kan owó ẹni tó ń mójú tó omi. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ní, “Ọmọ wa náà ni, yóò fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìlú.” Ó lè ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, á gba iṣẹ́ ọ̀kadà tàbí kó lọ sóko, ilẹ̀kùn omi á sì wà ní títì di ọ̀sán. Bí kò bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi sápò ara rẹ̀, n kò sì rí bí a ṣe máa bá a wí nígbà tí a kò san nǹkan kan fún un. Láti oṣù keje ọdún 2024, òfin ti fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù sí 70,000 náírà. Bí olùtọ́jú omi bá ń ṣí omi láàárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, tó sì tún padà wá nírọ̀lẹ́, ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Ìdajì owó náà, 35,000, ni mo rò pé ó tọ́ sí i.

Iṣẹ́ tí a sì ń san owó náà fún ju ṣíṣí ẹ̀rọ lọ. Òun ni yóò máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, kí oòrùn tó mú un gbóná. Òun ni yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé pé wákàtí mélòó ni tánkì gbà kó tó kún. Bí tánkì tó ń kún ní wákàtí mẹ́rin bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba mẹ́fà, tí oòrùn sì mú dáadáa, tí pánẹ́ẹ̀lì sì mọ́, a jẹ́ pé ohun kan ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀: ó lè jẹ́ páìpù ló lu, ó lè jẹ́ pé omi ti lọ sísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ sumó ló ń gbó. Ẹni tó bá rí i lọ́sẹ̀ yẹn á pe púlọ́mbà fún iṣẹ́ kékeré. Ẹni tí kò bá rí i á wá ra sumó.

Ẹ tún fi 6,000 sílẹ̀ fún ọṣẹ, kílórínì, ìwé àti owó ọkọ̀, kí ẹ sì fi 3,000 lóṣù dè é kí wọ́n lè gbé omi lọ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ di 75,000 náírà lóṣù, tàbí 900,000 lọ́dún.

Èló wá ni kẹ́ẹ̀gì kan? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń dá owó lé omi, ìgbà yẹn ló sì ń tan ìgbìmọ̀ jẹ. Ká ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ẹ̀gì 300 ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóòjọ́, ìyẹn 9,000 lóṣù. Alága á ní bí a bá gba 10 náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kan, 90,000 la ó rí, 75,000 la ó ná, 15,000 á sì ṣẹ́ kù. Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi òrùlé á kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù ilé. Kẹ́ẹ̀gì 300 á di 120, owó oṣù á sì di 36,000. Wọ́n á san 35,000 fún olùtọ́jú omi, 1,000 á ṣẹ́ kù, àpò àtúnṣe kò sì ní rí kọ́bọ̀. Ní ìparí ọdún tó ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn márùn-ún àti oṣù òjò méje, gbèsè 198,000 náírà ni 10 náírà yẹn ń dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan.

Gbogbo ọdún ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò náà. Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn márùn-ún á mú 45,000 kẹ́ẹ̀gì wá, oṣù òjò méje á mú 25,200, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70,200. Ẹ pín 900,000 sí i, ẹ ó rí i pé kẹ́ẹ̀gì kan kò gbọ́dọ̀ dín ní 13 náírà. Kò sẹ́ni tó ní ṣéńjì 13 náírà lónìí. Nítorí náà, ẹ tẹ káàdì tó ní ojú méje, kí ẹ máa tà á ní 100 náírà. Olùtọ́jú omi á máa fi bírò fagi lé ojú kan bí wọ́n bá ti pọn kẹ́ẹ̀gì kan. Ìyẹn á mú nǹkan bíi 1,002,000 náírà wá lọ́dún. 102,000 tó lé lórí ìnáwó ni ẹ ó fi fún àwọn arúgbó tí kò lè sanwó ní omi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀, kí wọ́n sì ka kẹ́ẹ̀gì tiwọn náà, nítorí bí a kò bá kọ ẹni tó ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀, láìpẹ́ ìdajì àdúgbò á sọ ara wọn di arúgbó. Owó tó bá sì lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni yóò gbé oṣù òjò ró. Ẹ má fi kun ilé ìpàdé.

Káàdì tún ní àǹfààní mìíràn: ẹni tó ń ṣí omi kò fọwọ́ kan owó. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí lè máa ta káàdì, kí akápò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á, kí owó àtúnṣe kọ́kọ́ jáde lọ sí àkáǹtì tirẹ̀, èyí tí ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó ṣeé gbà jáde, kí wọ́n tó ná ìyókù. Ẹ sì fi mítà omi sí ara páìpù tó ń jáde láti inú tánkì. Kẹ́ẹ̀gì jẹ́ lítà 25. Bí mítà bá sọ pé 8,000 lítà ló jáde lónìí, kẹ́ẹ̀gì 320 nìyẹn. Bí káàdì bá sì fi 300 hàn, 20 tó kù lè jẹ́ ti àwọn arúgbó àti omi tó dànù. Bí ìyàtọ̀ náà bá di 60, tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí páìpù ti ń jò. Bí ẹ kò bá rí i, kí ẹ wá béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ èèyàn.

Owó yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ihò náà bá wó, tàbí tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá gbẹ, kò lè gbẹ́ tuntun. Ìjọba ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí nígbà yẹn, ẹ sì tètè kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí bóòhóòlù yín ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ pe ìpàdé nínú oṣù kẹwàá, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ béèrè iye tó wà nínú àkáǹtì àtúnṣe, kí ẹ sì rán ẹnìkan lọ sọ́jà lọ béèrè iye sumó. Bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá tí wọ́n ti gbé sumó yín sílẹ̀, tí owó náà kò sì tíì tó ìdajì iye rẹ̀, ẹ yí owó omi yín padà nínú ìpàdé yẹn, kí ẹ tó túká.